Pálọ̀ mílíọ̀nù méjì: irú ẹ̀rí tó ń mú oníbàárà tú àpò

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iṣẹ́ àtúnṣe inú ilé ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí: ògiri, àjà pí-ó-pí, ọ̀dà, kọ́tìnì, títí kan iná. Fọ́tò iṣẹ́ mi pọ̀ lórí Ínsítágíráàmù, àwọn èèyàn sì ń yìn mí dáadáa. Àmọ́ tí mo bá ti sọ pé pálọ̀ kan á tó 2 mílíọ̀nù náírà, wọ́n á ní 'a máa pè yín padà', ó tán nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sanwó fún àwọn tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ rere sábẹ́ iṣẹ́ èèyàn. Ṣé kí n ṣe é? Kí ni mo tún lè ṣe tí wọ́n á fi gbà mí gbọ́?"

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó wá yìn yín. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó ní òun á pè yín padà yẹn dáadáa. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe ojú fún ìgbéyàwó, ẹwà ló ń wò. Tó bá rí fọ́tò márùn-ún tó wù ú, ó parí, torí bí iṣẹ́ náà bá tiẹ̀ bàjẹ́, owó tó bá a lọ ò pọ̀, kò sì ní pẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó 2 mílíọ̀nù lé yín lọ́wọ́ ti rí ẹwà lórí fọ́tò yín, ó sì ti gbà pé ẹ mọ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi pè. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kò tíì rí ìdáhùn sí. Ṣé ẹ ò ní gba àsansílẹ̀ tán kẹ́ ẹ pa fóònù? Ṣé ẹ ò ní ṣiṣẹ́ dé ìdajì kẹ́ ẹ ní owó sìmẹ́ńtì ti lé? Ta ni àwọn ọmọkùnrin tẹ́ ẹ máa kó wọ inú ilé òun, níbi táwọn ọmọ òun ń sùn sí? Ọjọ́ mélòó leruku máa fi wà lórí ìkòkò ọbẹ̀ òun? Èyí tó wá wúwo jù ni pé tí òjò ọdún yìí bá rọ̀ tán, ṣé ọ̀dà náà ò ní bó?

Ìbẹ̀rù yìí ní gbòǹgbò nílùú wa. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní Òṣogbo ló jẹ́ pé Èkó tàbí òkè òkun lẹni tó ni ín wà tó ti ń fowó ránṣẹ́. Ó sì ṣòro kéèyàn rí ẹbí tí kò ní ìtàn owó ilé tó wọ àpò àbúrò, ọ̀rẹ́ tàbí kọntirátọ̀. Ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kì í sọ ọ́ fún yín lórí fóònù. Ohun tó máa sọ ni pé owó yín ti pọ̀ jù, tàbí pé òun á pè yín padà. Ẹ̀yin náà á wá rò pé iye owó lọ̀rọ̀ wà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó, ẹ ó sì tún gbé ogún fọ́tò míì sókè. Gbogbo ogún fọ́tò yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń dáhùn, ìyẹn "ṣé obìnrin yìí mọ nǹkan rere?", èyí tí oníbàárà náà ti dáhùn fúnra rẹ̀ kó tó pè. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó ń ta iṣẹ́ olówó ńlá ṣètò bí wọ́n ṣe ń polówó ara wọn. Ohun tí mo sì ń rí léraléra ni pé iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ délẹ̀délẹ̀ máa ń ta iṣẹ́ ju igba fọ́tò tí kò sọ nǹkan kan lọ.

Ìyìn tó wà lábẹ́ fọ́tò yín náà ńkọ́? Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ kọ́ lẹ bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá kọ "ẹ kú iṣẹ́, ó dára gan-an" láìtíì wọ inú pálọ̀ náà rí kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun. Àwòrán ojú fóònù tẹ́ ẹ máa ń gbé sókè, níbi tí oníbàárà ti ní "ẹ ṣé o, inú wa dùn", kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, nítorí ohun èlò orí fóònù tó lè ṣe ìtàkùrọ̀sọ Wásáàpù tí kò ṣẹlẹ̀ rí ti pọ̀, ọmọ iléèwé gíga kan sì lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó ní 2 mílíọ̀nù lọ́wọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá wá fowó rà ló burú jù. Àwọn tó ń tà á ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sábẹ́ iṣẹ́ onídìrí l'Ékòó àti sábẹ́ oníkéèkì n'Ílọrin, tèèyàn bá sì tẹ orúkọ wọn, ojú ewé òfìfo ló máa bá. Lọ́jọ́ tí oníbàárà gidi bá wá béèrè pé "ṣé mo lè bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀?", kò sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fẹ́ fún un. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, náà tún dè é léèwọ̀ kéèyàn fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà ta ọjà tàbí iṣẹ́. Ẹ̀rí tẹ́ ẹ rà wà lábẹ́ ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe jù. Fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń gbàgbé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti kó àga jáde tán, tí wọ́n ti ha apá kan lára ògiri, ni wọ́n máa ń rántí yọ fóònù. Ó ti bọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé náà ni kẹ́ ẹ yà á, kẹ́ ẹ tó sọ iye owó, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Ẹ sọ fún un pé àwọn fọ́tò náà lẹ máa fi ṣe ìwé ìdíyelé, òótọ́ sì ni, torí ẹ máa nílò wọn. Ẹ dúró síbi kan pàtó, ẹnu ọ̀nà dára, kẹ́ ẹ gbé fóònù sí déédéé àyà yín. Ẹ lẹ téèpù kékeré mọ́lẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dúró sí, tàbí kẹ́ ẹ ka táìsì láti ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ yà á. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ojú ibẹ̀ gan-an lẹ ó padà sí, ní irú aago yẹn. Ojú kámẹ́rà tí wọ́n kọ 1x sí lórí fóònù ni kẹ́ ẹ lò fún méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fi 1x ya ti tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ wá fi 0.5 ya ti ìsinsìnyí, pálọ̀ náà á dà bíi pé ó fẹ̀ sí i ní ìlọ́po méjì, ẹni tó bá sì mọ fóònù lò á mọ̀ pé ẹ ń tan òun.

Iná ni ìkejì. Mo máa ń rí fọ́tò tí ti tẹ́lẹ̀ ṣókùnkùn biribiri tí wọ́n ti fèrèsé pa, tí ti ìsinsìnyí sì ń tàn yanran pẹ̀lú gbogbo gílóòbù. Ohun tí olójú inú á sọ ni pé iná ló yí padà. Tí iná tuntun bá wà lára iṣẹ́ yín, ẹ ya méjì nígbà tó bá parí: ọ̀kan tẹ́ ẹ pa iná, tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan, bíi ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì wá tan iná fún ìkejì. Ẹ má fi ohun tó ń mú àwọ̀ dán kan fọ́tò náà rárá, torí ọ̀dà aláwọ̀ wàrà lè di funfun báláú lórí fóònù. Oníbàárà tó yan àwọ̀ náà nítorí fọ́tò yín á wá bá yín jà nígbà tó bá rí i lára ògiri tirẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò gbogbo yàrá, ẹ sún mọ́ ògiri. Ẹ ya ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀. Ẹ ya etí súwíìṣì, níbi tí iṣẹ́ jákujàku ti máa ń hàn, àti ibi tí pí-ó-pí ti so pọ̀ lókè fèrèsé, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń là. Ẹni tó ti jìyà lọ́wọ́ oníṣẹ́ mìíràn rí, ibẹ̀ gan-an ló máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú iṣẹ́ kan kẹ́ ẹ rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń lọ pọ̀. Obìnrin kan tí mo bá ṣètò ìpolówó rẹ̀, tóun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yín, gba pálọ̀ kan ní apá Òkè-Fìà. Ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ló ni ilé náà, ọmọ rẹ̀ tó wà n'Íbàdàn ló sì fẹ́ sanwó. Ògiri tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ti bó láti ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, ọ̀dà ń wú bí àléfọ́, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń hù lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kùn ún ṣáájú. Àwọn tó kùn ún kàn ń ha ọ̀dà tó bó kúrò ni, wọ́n á fi nǹkan dídán rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì ya fọ́tò. Fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà á rẹwà, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ omi tó wà nínú ilẹ̀ ń gun ògiri náà láti ìpìlẹ̀, iyọ̀ inú ilẹ̀ ń bá a gòkè, tó bá sì dé ojú ògiri, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù, á sì ti ọ̀dà jáde. Kò sí ọ̀dà tó lè dá a dúró.

Obìnrin yìí ò sọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ. Ìta ló lọ, ó wo ẹ̀yìn ògiri náà, ó sì rí i pé wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn ilé títí tí ilẹ̀ ìta fi ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ, omi òrùlé sì ń dà síbẹ̀ tààrà. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kejì, tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, ó ní kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, kí wọ́n da kọnkéré tó fì síta sídìí ògiri kí omi lè máa ṣàn lọ. Nínú ilé, wọ́n ha ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà kúrò títí dé búlọ́ọ̀kù, ó sì ga ju ibi tí omi dé lọ ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan, torí iyọ̀ ti wọ inú gbogbo ẹ̀. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé mọ́ tún un rẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó gbẹ dénú kí wọ́n tó fi ọ̀dà kàn án. Owó gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àjà, iná àti kọ́tìnì, jẹ́ ₦2,300,000. Gbogbo ìpele yìí ló ń yà, títí kan búlọ́ọ̀kù tó wà níhòòhò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ míì máa ń fi pamọ́ nítorí pé kò lẹ́wà.

Kò gbé e sókè lọ́jọ́ tó parí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, ó sì ṣòro fún un, torí pálọ̀ náà rẹwà gan-an. Ó dúró títí òjò fi wá, ó rọ̀, ó dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ bó ṣe máa ń ṣe, ó tún rọ̀. Nínú oṣù kẹwàá, ó padà lọ kí ìyá náà, ó dúró síbi tó dúró sí níjọ́sí, ó ya ògiri náà, ó wá sún mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ó tún yà á. Fọ́tò mẹ́rin ló fi ṣe ìtàn náà: bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, búlọ́ọ̀kù tó wà níhòòhò, ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, àti lẹ́yìn òjò. Ó kọ ohun tó ń ṣe ògiri náà sábẹ́ wọn, ó kọ ohun tí wọ́n ṣe sí i, iye ọ̀sẹ̀ tó gbà àti iye owó rẹ̀. Àwọn tó tẹ ọkàn sí i kéré sí ti fọ́tò kọ́tìnì aláràbarà tó ti gbé sókè ṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn tó pè é lórí rẹ̀ ò béèrè pé "èló ni?" Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé "ògiri tiwa náà ń ṣe báyẹn, ẹ wá bá wa wò ó." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Wọ́n ti ka iye owó kí wọ́n tó pè, ẹni tí apá rẹ̀ ò ká a ti bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó kù sì ti mọ ohun tí owó náà máa ṣe fún òun.

Ìtàn yẹn náà ní ẹnu tirẹ̀, ẹnu ìyá àgbà. Bí a ṣe ń gba ẹ̀rí lẹ́nu oníbàárà ṣe pàtàkì, torí tẹ́ ẹ bá kàn ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ nǹkan rere nípa iṣẹ́ mi", àdúrà àti ìyìn ni wọ́n máa fún yín. Yorùbá ni wá, a mọ bí a ṣe ń yin ẹni tó wà níwájú wa. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó máa mú ìtàn jáde. Kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ẹ má gbé iṣẹ́ náà fún mi? Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà tí kò lọ bí a ṣe rò, báwo la sì ṣe yanjú rẹ̀? Kí ló yí padà nínú ilé yín báyìí? Tí àbúrò yín bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí lẹ máa ní kó múra sílẹ̀ fún? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohùn sọ ọ́ lórí Wásáàpù, lédè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kẹ́ ẹ má sì bá wọn tún un sọ. Ohun tí ìyá àgbà náà sọ nìyí: "Ọmọ mi ní kí n má gbà fún un, ó ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn méjì tó kun ilé yìí tẹ́lẹ̀, kò pé ọdún tí ògiri tún fi ń bó. Ohun tó jẹ́ kí n gbà ni pé obìnrin yìí ò sọ̀rọ̀ ọ̀dà rárá, ilẹ̀ ìta ló lọ wò. Iṣẹ́ náà fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ ju ohun tó sọ lọ, kápẹ́ńtà wọn ò wá, inú sì bí mi. Ṣùgbọ́n iye tó kọ sínú ìwé la san, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Òjò ti rọ̀ kọjá báyìí, ẹ wá fọwọ́ kan ògiri náà fúnra yín."

Obìnrin náà fẹ́ gé ibi tí ìyá ti ní inú bí òun kúrò. Mo ní kó má gé e. Ibẹ̀ ló jẹ́ kí gbogbo ìyókù ṣeé gbà gbọ́, torí gbogbo ẹni tó ti kọ́lé rí mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí nǹkan kan kì í yẹ̀. Ẹ wá ka ọ̀rọ̀ ìyá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ fi wé àwọn ìbẹ̀rù tí mo kà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó ti dáhùn ti owó tó ń lé, ó ti dáhùn ti òjò, ó sì ti sọ ohun tí ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn tó ń sanwó ń rò. Kò mẹ́nu kan ẹwà rárá. Tí oníbàárà yín kan bá sọ ti àwọn òṣìṣẹ́, pé kò sí nǹkan tó sọnù àti pé wọ́n ń gbálẹ̀ lálaalẹ́ kí wọ́n tó lọ, ẹ fi ìyẹn náà pa mọ́ bí wúrà.

Àkókò tẹ́ ẹ máa béèrè náà ṣe kókó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń gba owó tó kù kọ́ ni, torí á dà bíi pé ẹ ń fi iṣẹ́ dè wọ́n. Ẹ jẹ́ kó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, táwọn àlejò ti wá, tí wọ́n ti bèèrè ta ló ṣe é. Ẹ tún padà lẹ́yìn òjò. Ẹ má fi ẹ̀dínwó ra ọ̀rọ̀ rere. Tẹ́ ẹ bá dín owó fún ẹnì kan nítorí kẹ́ ẹ lè lo fọ́tò ilé rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ dín in. Gúgù pàápàá kò fàyè gbà á kéèyàn fún oníbàárà ní owó tàbí ẹ̀bùn kó lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ lórí máàpù, wọ́n sì lè yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dànù.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ gbígba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lówó ní Òṣogbo kò fẹ́ kí ayé rí inú ilé òun, wọn ò sì jẹ̀bi. Ìbẹ̀rù olè àti ajínigbé wà, ti aráyé náà wà. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń lo ohun tó bá lè fi í hàn, ó sì lè gba àṣẹ tó fún yín padà nígbàkígbà. Nítorí náà, ẹ kọ àṣẹ náà sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́, kó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yan èyí tí wọ́n fẹ́: fọ́tò ògiri nìkan, fọ́tò láìsí orúkọ, ohùn láìsí ojú, tàbí kò sí rárá. Ẹ má sọ ju àdúgbò lọ. Kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ yọ fọ́tò ẹbí tó wà lára ògiri, ẹ wo gíláàsì bóyá ojú ẹnì kan hàn nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí géètì tàbí nọ́ńbà mọ́tò wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan kan sókè lè gbà pé kí oníbàárà tuntun pe òun lórí fóònù. Lójú tèmi, ìpè yẹn lágbára ju ohunkóhun tó wà lórí ìkànnì lọ fún iṣẹ́ olówó ńlá. Àmọ́ ẹ má lò ó ní ìlòkulò. Ẹni tó bá ti gba ìwé ìdíyelé yín, tó sì kù díẹ̀ kó sanwó, lẹ máa fún ní nọ́ńbà náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ bi onílé bóyá ó ráyè. Tẹ́ ẹ bá ń fún gbogbo ẹni tó bá béèrè, ó máa sú onílé náà láìpẹ́.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí, ipò Wásáàpù máa ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá kọ fúnra rẹ̀ sórí Gúgù ṣeé gbà gbọ́ díẹ̀ sí i torí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́, ẹ ò sì lè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa láti máa kọ ọ́, kẹ́ ẹ má fi dandan mú wọn. Èyí tí mo gbà yín níyànjú jù ni kẹ́ ẹ di ìtàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ojú ewé méjì péré, fọ́tò mẹ́rin, ọ̀rọ̀ díẹ̀, iye owó, àti ohùn oníbàárà lọ́tọ̀. Tí ẹnì kan bá pè, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń ṣe é, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó jọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ má kó gbogbo rẹ̀ dà sí i lórí. Ẹni tí ògiri rẹ̀ ń bó ò nílò ìtàn pálọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ẹ fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ bíi fáìlì, torí Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ tí ìsàlẹ̀ ògiri ò fi ní mọ́ lójú mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ lè sọ pé iṣẹ́ olówó ńlá tẹ́ ẹ ti ṣe ò tíì pọ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gba èyí tó kéré, ògiri kan tàbí àjà yàrá kan, kẹ́ ẹ sì kọ ìtàn rẹ̀ délẹ̀ bí mo ṣe wí. Tó bá jẹ́ ilé yín tàbí ti ẹ̀gbọ́n yín lẹ ṣe, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn kékeré tó jẹ́ òótọ́ máa gbé yín dé ₦600,000, ìyẹn á sì gbé yín dé mílíọ̀nù. Fífò láti ọ̀kan sí ìkejì ṣòro, mi ò sì mọ ọ̀nà tó yára ju ìyẹn lọ tí kò ní irọ́ nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí gbogbo èyí mọ. Ẹ̀rí kì í fún ẹni tí kò lówó lówó. Nínú àwọn tó ní àwọn á pè yín padà, ọ̀pọ̀ ló wà tí owó náà ò sí lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ìtàn tó máa yí ìyẹn padà. Ẹ̀rí ògiri ò sọ pé ẹ mọ iṣẹ́ kíṣìnì, torí náà iṣẹ́ tuntun á fẹ́ ẹ̀rí tuntun. Ó sì ní ilé tí ọ̀rinrin rẹ̀ ò ní tán pátápátá, pàápàá àwọn ilé àtijọ́ tí wọn ò tẹ́ nǹkan dí omi sórí ìpìlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ sọ fún onílé kẹ́ ẹ tó gbowó, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìtàn náà, pé iṣẹ́ yín á dín in kù ni. Ìdúró de òjò náà á mú yín pẹ́. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí lórí iṣẹ́ tuntun, ó lè tó ọdún kan kí ìtàn àkọ́kọ́ tó pé.

Àmọ́ ẹ ò nílò láti bẹ̀rẹ̀ lórí iṣẹ́ tuntun. Ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ ti bá ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ mú mẹ́ta tí òjò ọdún kan ti rọ̀ lé iṣẹ́ wọn lórí, kẹ́ ẹ pè wọ́n pé ẹ fẹ́ wá wo bí iṣẹ́ yín ṣe ń ṣe. Ẹ má mẹ́nu kan fọ́tò lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ wo etí àjà, ẹ tan gbogbo iná. Èyí tó bá ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá tún un ṣe kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ má sì gba owó. Èyí tó bá dúró ṣinṣin, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tọrọ àyè láti ya fọ́tò, kẹ́ ẹ wá béèrè ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ní fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ kankan nínú fóònù yín, ẹ wá a jáde lónìí kó tó di pé fóònù náà sọnù.